Ohun Tó Ń Mu Iná Bátìrì Rẹ Lóru

Àbúrò mi, ìwọ tó ń gbé Ìbà tàbí Òkòkòmáíkò, tí o sì gbọ́dọ̀ kọjá Maílì Tuù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, o mọ ohun tí aago márùn-ún ìdájí jẹ́. O yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ dún ká-ká-ká, ó dákẹ́. Lánàá ẹ jọ rìn dé ilé láìsí wàhálà. Aládùúgbò á bá ọ fi wáyà so bátìrì tirẹ̀ mọ́ tìrẹ, ọkọ̀ á ta, tó bá di ìdájí ọ̀la, bákan náà ni. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló máa ní kí o lọ ra bátìrì tuntun. Má tíì ra á. Bí nǹkan kan bá ń mu iná nínú ọkọ̀, á mu ti tuntun náà tán.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi láàárín bátìrì àti ọkọ̀. Ra mítà kékeré kan ní Alábà, èyí tó ń ka fólítì, tó sì ní ihò tí wọ́n kọ 10A sí lára. Ní alẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi bíi wákàtí mélòó kan, wọn bátìrì. Bí iná rẹ̀ bá kún, mítà á kà tó 12.6 fólítì. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti lọ sí bí ìdajì. Bí kò bá kún, jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣáàjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tú wáyà tó wà lórí àmì − kúrò, kí o sì lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí mítà ṣì ń ka bíi 12.6, bátìrì mọ́wọ́ mọ́sẹ̀, inú ọkọ̀ ni olè wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti já sí 12.0 nígbà tí ohunkóhun ò so mọ́ ọn, bátìrì ti kú nìyẹn. Bátìrì tòkunbọ̀ ló sábà máa ń ṣe báyìí.

Kò sí ọkọ̀ òde òní tí kì í mu iná rárá bó bá dúró. Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́ níbí ní 1975 kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú, tí o bá pa á, ó kú pátápátá. Ti ìsinsìnyí ní kọ̀ǹpútà, àlááàmù àti aago tó gbọ́dọ̀ máa ṣọ́nà. Ìwọ̀n tí kò burú fún wọn kì í sábà ju 0.05 áńpíà lọ. Èyí kò lè pa bátìrì tó dára ní alẹ́ kan, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣe é ní jàǹbá. Ohun tó ń pa ọkọ̀ láàárín alẹ́ sí òwúrọ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ṣeé mú.

Bí a ṣe ń mú un rèé. Bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ, nítorí irin tó bá kan orí bátìrì méjèèjì lè jó ọ lọ́wọ́. Pa gbogbo nǹkan, yọ kọ́kọ́rọ́, gbé e jìnnà sí ọkọ̀. Ṣí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ àpótí fíùsì, kí o fi súkúrú-dáráfà ti àgánrándì kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà títí tí yóò fi há, kí ọkọ̀ lè rò pé ilẹ̀kùn ti pa. Fi wáyà pupa mítà sínú ihò 10A, dúdú sínú COM, kí o sì yí ojú mítà sí 10A. Tú wáyà − kúrò lórí bátìrì, kí o wá fi ẹnu mítà kan mú wáyà náà, kí èkejì mú orí − bátìrì, kí iná lè máa gba inú mítà kọjá. Láti ìgbà yìí lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ọkọ̀, torí iná tí sítátà ń fà pọ̀ ju agbára mítà lọ fíìfíì. Má sì kánjú ka nọ́ńbà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń pẹ́ kó tó sùn, ó lè tó ogójì ìṣẹ́jú. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ríwáyà fi ń dá ẹni tí kò jẹ̀bi lẹ́bi ni pé wọn kì í dúró.

Jẹ́ kí n sọ ti Korólà kan tó wà ní ẹ̀sìtétì Ìbà fún ọ. Ìyá ọlọ́mọ méjì ló ń wà á. Bátìrì rẹ̀ yege nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ sùn. Nígbà tí wọ́n fi mítà sí i, ó bẹ̀rẹ̀ láti 3 áńpíà, ó ń bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wá dúró sórí 1.2, kò lọ mọ́. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, ìyẹn á mu tó áńpíà-wákàtí 11 nínú bátìrì tó ní 45. Bátìrì tó ti lo ọdún méjì, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Badagry kò sì jẹ́ kó kún, kò ní lè ta ẹ́ńjìnì mọ́ lẹ́yìn èyí.

A bẹ̀rẹ̀ sí yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń wo mítà. Èyí tí o bá yọ tí nọ́ńbà já wálẹ̀, òun ló ń bọ́ olè náà. Bí o bá dá fíùsì padà, nọ́ńbà lè fò sókè díẹ̀, fún un láyè kó balẹ̀ kí o tó kan òmíràn. DOME ni mo rò pé yóò jẹ́, torí òun ló sábà máa ń gbé iná inú ọkọ̀ àti ti búùtù. Nọ́ńbà kò mira. A yọ gbogbo ti inú ọkọ̀ àti ti abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, 1.2 ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí fíùsì ọkọ̀ kò bá sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn tó kúrò nílé iṣẹ́ ni kí o wá: tírákà, àlááàmù, rédíò, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Wo orí + bátìrì dáadáa, wo wáyà tí kì í ṣe ti ọkọ̀. Ti Korólà yìí ní wáyà pupa nípọn kan tó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sí búùtù, fíùsì tirẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó gbóná wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ ti kú láti alẹ́. A yọ fíùsì ara wáyà yẹn, mítà já sí 0.03. Ẹni tó fi ẹ̀rọ náà sí i so ibi tí wọ́n kọ REM sí mọ́ iná tí kì í kú. Wáyà búlúù tó ń jáde látinú rédíò ló yẹ kó gbà á, kí ẹ̀rọ lè máa sùn nígbà tí rédíò bá kú. Wáyà kan péré la tún so, àárọ̀ ọjọ́ kejì ọkọ̀ ta lẹ́ẹ̀kan.

Bí kò bá sí ohun àfikún kankan, tí fíùsì gbogbo sì ti yọ tán tí nọ́ńbà kò já, gbé ọwọ́ lé ọ́tánétọ̀ ní ìdájí kí o tó tan ọkọ̀. Bó bá gbóná nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ pé dáyóòdù inú rẹ̀ ti jó, tí iná bátìrì ń gba ibẹ̀ padà sẹ́yìn. Ìyẹn, má dán an wò fúnra rẹ. Wáyà tó so mọ́ ọn nípọn, ó sì ń gba iná tààrà láti bátìrì. Ríwáyà ni kí o gbé e fún. Sọ fún un pé kó tú bátìrì kúrò kó tó tú wáyà náà, kó wá fi mítà wọn ọkọ̀ lójú rẹ, kí ó tó ṣe é àti lẹ́yìn tó bá ṣe é tán. Owó rẹ kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ títí tí nọ́ńbà kejì yóò fi wà nísàlẹ̀ 0.05. Bó bá sì ti ṣe tán, rántí pé kí o yọ wáyà pupa mítà kúrò nínú ihò 10A, kí o dá a padà síbi fólítì, kí mítà má baà jó lọ́wọ́ ẹni tó máa tún fi wọn bátìrì.