BÍ A TI Ń ṢE ÀTẸ ÀKÓKÒ-Ẹ̀KỌ́ NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GIRAMA

1. Ìwé tí ó wà lára ògiri

Bí ẹ bá wọ kíláàsì kan ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ ó rí ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri. A fi ìlà pín in sí ojúlé-ojúlé. Àwọn ọmọ ń pè é ní táìmùtébù. Nínú ìwé yìí, a ó máa pè é ní àtẹ àkókò-ẹ̀kọ́. Ó ń sọ fún àwọn ọmọ pé ní ọjọ́ báyìí, nígbà tí aago bá lù, ẹ̀kọ́ báyìí ni ó kàn.

Èyí tí ó wà lára ògiri kíláàsì jẹ́ ẹ̀ka kan péré. Àtẹ ńlá wà ní ọ́fíìsì, tí gbogbo kíláàsì wà nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, igbákejì ọ̀gá ni ó ń ṣe é, kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Nínú ojúlé kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta gbọ́dọ̀ pàdé: kíláàsì, tíṣà, àti yàrá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà níbòmíràn ní àkókò náà, ẹ̀kọ́ kò lè wáyé.

Ẹ wo agbo ilé tí ó ní odó kan ṣoṣo. Ìyàwó mẹ́ta fẹ́ gún iyán lálẹ́. Iṣu wà, ọwọ́ wà, ṣùgbọ́n odó kò lè gba iyán mẹ́ta pọ̀. Ẹnì kan yóò kọ́kọ́ gún, àwọn yòókù yóò dúró. Ní ilé-ẹ̀kọ́, odó yìí lè jẹ́ tíṣà kan, ó sì lè jẹ́ yàrá kan.

2. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a fi ṣe àpẹẹrẹ

Ẹ jẹ́ kí á mú ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan, apá àwọn àgbà, tí ó ní ọdún mẹ́ta. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì méjì. Nítorí náà a ní Sáyẹ́ǹsì 1, Sáyẹ́ǹsì 2 àti Sáyẹ́ǹsì 3. A sì ní Áàtì 1, Áàtì 2 àti Áàtì 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kíláàsì 6.

Píríọ́dù 8 ni wọ́n ń ṣe lóòjọ́, ìṣẹ́jú 40 sì ni píríọ́dù kan. Wọ́n ń ṣe 5 kí wọ́n tó lọ fún ìsinmi ọ̀sán, wọ́n sì ń ṣe 3 lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 5, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní píríọ́dù 40. Kíláàsì 6 lọ́nà 40 jẹ́ 240. Ojúlé 240 ni ẹni tí ń ṣe àtẹ náà yóò kún.

Kí ó tó kọ ohunkóhun, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà. Ẹ jẹ́ kí á bá a kà.

3. Ìdí tí ìṣirò fi ń bọ́ sí ọ̀sán

Ìyá kan lè bi ọ̀gá pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ọmọ mi fi ń kọ́ ìṣirò lọ́sàn-án, nígbà tí oorun ti ń kùn ún? Ṣé ẹ ò lè fi gbogbo rẹ̀ sí àárọ̀ ni?” Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò fúnra rẹ̀ dáhùn.

Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń kọ́ ìṣirò ní ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìyẹn píríọ́dù 5 lọ́sẹ̀. Kíláàsì 6 lọ́nà 5 jẹ́ 30. Tíṣà ìṣirò kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ní. Mélòó ni píríọ́dù àárọ̀? Ó jẹ́ 5 lóòjọ́, 25 lọ́sẹ̀. A kò lè kó 30 sínú 25. Bó ti wù kí igbákejì ọ̀gá gbọ́n tó, píríọ́dù 5 ó kéré tán yóò bọ́ sí ọ̀sán.

Bí ó bá sì kó 25 sí àárọ̀, tíṣà yẹn yóò dúró níwájú pátákó fún wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20 láràárọ̀ láìjókòó. Kò ní pẹ́ tí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fún un ní píríọ́dù 4 láràárọ̀, kí ó sinmi ní ọ̀kan. Àárọ̀ wá jẹ́ 20, ọ̀sán jẹ́ 10.

Ta ni yóò gba àárọ̀? Kíláàsì méjèèjì tí ó wà ní ọdún kẹta ń múra ìdánwò àṣejáde, nítorí náà wọ́n gba àárọ̀ lójoojúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 10. Kíláàsì méjèèjì ti ọdún kejì gba àárọ̀ 3 àti ọ̀sán 2. Ti ọdún kìíní gba àárọ̀ 2 àti ọ̀sán 3. Ẹ ṣe ìròpọ̀ àárọ̀: 10, 6 àti 4 jẹ́ 20. Ó pé. Ìyá tí ó béèrè lè rí i pé kò sẹ́ni tí ó yan ọmọ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọmọ náà bá dé ọdún kẹta, àárọ̀ yóò kàn án.

4. Tíṣà tí ó ń wá ní ọjọ́ méjì

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí ó le jù. Tíṣà kẹ́místírì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ó ń wá síbí. Kíláàsì Sáyẹ́ǹsì mẹ́ta ni ó ń kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì nílò píríọ́dù 4 lọ́sẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 12. Ọjọ́ méjì ní píríọ́dù 16. Ó gbà á, ṣùgbọ́n àyè tí ó ṣẹ́kù kò pọ̀.

Ìdè mìíràn tún wà. Nínú píríọ́dù 4 yẹn, 2 jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú láàbù. Méjèèjì gbọ́dọ̀ so mọ́ra, nítorí ìṣẹ́jú 40 kò tó láti to ohun èlò, kí a ṣe iṣẹ́ náà, kí a sì fọ igò. Ìsinmi kò gbọdọ̀ là á láàárín. Nítorí náà a kò lè fi í sí píríọ́dù 5 àti 6. Láàbù kan ṣoṣo ni ó sì wà. Físíìsì àti báyọ́lọ́jì náà ń lò ó, ṣùgbọ́n a fi ọjọ́ mẹ́ta yòókù fún wọn.

Báyìí ni a ṣe lè tò ó:

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun
Píríọ́dù 1 àti 2: Sáyẹ́ǹsì 3, láàbù
Píríọ́dù 3: Sáyẹ́ǹsì 2
Píríọ́dù 4: Sáyẹ́ǹsì 1
Píríọ́dù 5: tíṣà sinmi
Píríọ́dù 6: Sáyẹ́ǹsì 2
Píríọ́dù 7: Sáyẹ́ǹsì 1

Ọjọ́bọ̀
Píríọ́dù 1 àti 2: Sáyẹ́ǹsì 2, láàbù
Píríọ́dù 3: Sáyẹ́ǹsì 3
Píríọ́dù 4 àti 5: Sáyẹ́ǹsì 1, láàbù
Píríọ́dù 6: Sáyẹ́ǹsì 3

Ẹ kà á, ẹ ó rí i pé kíláàsì kọ̀ọ̀kan rí 4 gbà. Ẹ tún wo píríọ́dù 3 ní Ọjọ́bọ̀. Tíṣà wà ní kíláàsì pẹ̀lú Sáyẹ́ǹsì 3, kò sí ẹnì kankan nínú láàbù. A mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹni tí ń tọ́jú láàbù lè fọ igò tí Sáyẹ́ǹsì 2 lò kí Sáyẹ́ǹsì 1 tó wọlé.

5. Èyí tí a so jù ni a ń kọ́kọ́ kọ

Ká ní igbákejì ọ̀gá ti fi bíróò kọ ìṣirò Sáyẹ́ǹsì 3 sí píríọ́dù 1 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó rántí kẹ́místírì. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Tíṣà ìṣirò kò ní ju píríọ́dù ìsinmi kan lọ láàárọ̀ yẹn, kò sì dájú pé yóò bá ti Sáyẹ́ǹsì 3 mu. Ó wá ní kí iṣẹ́ láàbù lọ sí píríọ́dù 4 àti 5. Ṣùgbọ́n Sáyẹ́ǹsì 1 ń kọ́ kẹ́místírì ní píríọ́dù 4, wọ́n níláti lọ sí píríọ́dù 2. Gẹ̀ẹ́sì ni Sáyẹ́ǹsì 1 ń kọ́ ní píríọ́dù 2, ó di dandan kí Gẹ̀ẹ́sì wá sí píríọ́dù 4. Ó délé, ó bá a pé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wà ní Áàtì 1 ní píríọ́dù 4 yẹn! Áàtì 1, tí kò kọ́ kẹ́místírì rárá, yóò wá ṣí nítorí kẹ́místírì. Ẹ̀kọ́ kan ni ó kọ́kọ́ yẹsẹ̀, mẹ́ta ti tẹ̀lé e.

Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà fi ń kọ́kọ́ kọ tíṣà tí ó ní ọjọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ láàbù, lẹ́yìn náà ni tíṣà tí kíláàsì rẹ̀ pọ̀. Àwọn tí wọ́n lè bọ́ síbikíbi ni ó ń fi kún àyè tí ó kù. Pẹ́ńsù ni ó sì ń lò, kì í ṣe bíróò.

6. Bí a ti ń mọ̀ pé àṣìṣe wà

Nínú àtẹ ńlá, kíláàsì wà ní ẹ̀gbẹ́, píríọ́dù wà lókè. Tíṣà kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, píríọ́dù kan lẹ́ẹ̀kan. Bí àmì tíṣà kan bá jáde lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ píríọ́dù kan náà, a ti fi í sí ibi méjì nìyẹn. Bí láàbù bá jáde lẹ́ẹ̀mejì, bákan náà ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ kà á láti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ ka iye ìgbà tí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde fún kíláàsì kan.

Òbí tí kò rí àtẹ ńlá náà lè mọ̀. Ẹ bi ọmọ yín. Bí ó bá ní kíláàsì méjì pàdé lẹ́nu ọ̀nà láàbù, tàbí pé àwọn kì í rí tíṣà kan ní píríọ́dù kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà tí ó wà ní kíláàsì kejì, àtẹ ni ó ní àṣìṣe. Ẹ lọ bá igbákejì ọ̀gá, yóò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àtẹ kò lè ṣe. Ká ní wọ́n dín ọjọ́ tíṣà kẹ́místírì kù sí ọ̀kan. Ọjọ́ kan ní píríọ́dù 8, iṣẹ́ jẹ́ 12. Píríọ́dù 4 kò ní ibi tí yóò wọ̀. Iṣẹ́ láàbù ni wọ́n sábà máa ń gé, nítorí òun ni ó ń gba àyè jù. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìdánwò àṣejáde WAEC ní ìwé ìdánwò iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú kẹ́místírì. Ọmọ tí kò mú burẹ́ẹ̀tì dání rí yóò wá kọ́kọ́ rí i lọ́jọ́ ìdánwò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ẹ̀yin òbí má ṣe bá ẹni tí ó ṣe àtẹ jà. Ẹ kọ 12 àti 8 sínú ìwé, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń gba tíṣà síṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Ohun mẹ́ta wo ni ó gbọ́dọ̀ pàdé nínú ojúlé kan?
2. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yìí bá ní tíṣà ìṣirò méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń kọ́ kíláàsì 3, ṣé gbogbo ìṣirò lè wà ní àárọ̀? Ẹ kà á.
3. Kí ló dé tí a kò fi iṣẹ́ láàbù sí píríọ́dù 5 àti 6?
4. Ẹ gba àtẹ kíláàsì ọmọ yín wò. Ẹ ka iye ìgbà tí ìṣirò jáde lọ́sẹ̀ kan, àti mélòó nínú rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ìsinmi.