Abèèrè-Ọ̀nà Kì í Ṣìnà: Ọkùnrin Tàbí Obìnrin Nínú Ìtumọ̀ sí Faransé

Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì wá bá mi ní Kàdúná níbí pé kí n bá òun yí i sí Faransé, kí n tó dárúkọ owó ni mo ti máa ń bi í pé: ẹni tí lẹ́tà yìí ń sọ nípa rẹ̀, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Àwọn mìíràn á ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè ròyìn ènìyàn láti òkè ìwé dé ìsàlẹ̀ láì jẹ́ ká mọ̀, bí àwa náà ṣe ń sọ pé "ó dé, ó jẹun, ó sì lọ", tí ẹni tó ń gbọ́ kò sì mọ̀ bóyá bàbá ni àbí ìyá. Faransé kì í sábà gba irú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ọkùnrin, "étudiant" ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, "étudiante" ni. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń kọ fún ọmọ tó fẹ́ lọ sí yunifásítì ní Niamey tàbí Abomey-Calavi. Kẹ́hìndé lorúkọ ọmọ náà. Lẹ́tà yẹn sọ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí, pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára tó sì jẹ́ olóòótọ́ ni, àti pé wọ́n dìbò yàn án ṣe aṣojú kíláàsì. Bí Kẹ́hìndé bá jẹ́ ọkùnrin, ohun tí a máa kọ nìyí:

"Kehinde est né à Kaduna. C'est un étudiant travailleur et honnête. Il a été élu délégué de classe."

Bó bá jẹ́ obìnrin:

"Kehinde est née à Kaduna. C'est une étudiante travailleuse et honnête. Elle a été élue déléguée de classe."

Ibi méje ló yí padà nínú gbólóhùn kúkúrú mẹ́ta. "Honnête" nìkan nínú àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni kò yí, nítorí irú kan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún tọkùnrin-tobìnrin. Ibi méje yẹn ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́: ẹni tó ń tú u á rántí "elle", á gbàgbé "élu". Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, etí kò ní gbọ́ ìyàtọ̀ "élu" àti "élue", ṣùgbọ́n ojú á rí i lórí ìwé. Akọ̀wé tó ń ka ìwé náà ní òdìkejì á máa rò pé bóyá ènìyàn méjì ni lẹ́tà kan ṣoṣo ń sọ.

Àwọn kan máa ń fi iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn méfò. Wọ́n rí nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ "infirmière". Wọ́n rí ọmọ ológun, wọ́n kọ ọ́ sí ọkùnrin. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Láti ọdún 2011 ni NDA, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tó wà ní Kàdúná wa níbí, ti ń gba obìnrin sínú àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ iṣẹ́ ogun gan-an. Ẹni tó bá rí "kádẹ́ẹ̀tì" nínú lẹ́tà tó sì kọ "il" láì béèrè lè ti sọ ọmọbìnrin ẹlòmíràn di ọkùnrin.

Orúkọ ńkọ́? Orúkọ Haúsá máa ń ranni lọ́wọ́: Aminu ni ọkùnrin, Amina ni obìnrin, Danladi ni ọkùnrin, Ladi ni obìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú tiwa ni kì í sọ̀rọ̀. Táyé, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Tolúlọpẹ́, kò sí èyí tí tọkùnrin-tobìnrin kì í jẹ́ nínú wọn. Nítorí náà, ẹ gbé fóònù, kí ẹ pe ẹni tó mọ onítọ̀hún. Ní Kàdúná, bí ẹ bá fi Haúsá béèrè ibi tí Kẹ́hìndé wà, ìdáhùn fúnra rẹ̀ á tú àṣírí: "ya tafi makaranta" bó bá jẹ́ ọkùnrin ló lọ sílé-ìwé, "ta tafi makaranta" bó bá jẹ́ obìnrin. Tí ẹ bá fi Yorùbá béèrè, "ó ti lọ" ni ẹ máa gbọ́, ẹ ó sì tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà mìíràn kò sí ẹni tí a lè bi. Ẹni tó kọ lẹ́tà ti rìnrìn àjò, iṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí ọwọ́ ò bá tẹ èkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ má mú ọ̀kan fi ṣe òótọ́. Ẹ tún gbólóhùn náà tò kó má sọ ohun tí ẹ kò mọ̀. Lẹ́tà Kẹ́hìndé lè di báyìí:

"Lieu de naissance : Kaduna. Élève honnête, Kehinde travaille avec sérieux. La classe lui a confié la charge de la représenter."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. "Né" ti lọ, ibi ìbí ló rọ́pò rẹ̀. "Élève" jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá fi "un" tàbí "une" síwájú rẹ̀. Ìwà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àpèjúwe ti di ohun tó ń ṣe, "avec sérieux". "Lui" kò yàn láàárín ọkùnrin àti obìnrin, "la" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ń tọ́ka sí kíláàsì. Ọ̀rọ̀-ìṣe àtẹ̀yìnwá tó ń lo "avoir" wúlò níbí, nítorí "Kehinde a réussi" kò yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "nous l'avons choisi". "L'" fi ara pamọ́, àmọ́ bó bá jẹ́ obìnrin, "choisie" ló yẹ ká kọ.

Àwọn mìíràn máa ń sá sábẹ́ "personne". Ọ̀rọ̀ yìí dára, abo sì ni nínú gírámà títí láé, kódà bó bá jẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n ni a ń sọ: "cette personne est sérieuse" ni a máa kọ. Ẹ lò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ padà sí orúkọ. Bí ẹ bá fi "elle" tẹ̀lé e ní ìlà mẹ́rin, òǹkàwé á ti gbà pé obìnrin ni.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Faransé. Á rí "sa mère", á sọ pé ọmọbìnrin ló ni ìyá náà. Rárá. "Sa" tẹ̀lé ìyá, kò tẹ̀lé ọmọ. Ọmọkùnrin náà ní "sa mère", ọmọbìnrin sì ní "son père". Kò sí ẹ̀rí kankan níbẹ̀ fún wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni "they" tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo: ẹ má sọ ọ́ di "ils", torí Kẹ́hìndé kan á di ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ti oyè iṣẹ́ gba sùúrù díẹ̀ sí i. Ní ọdún 2019 ni Académie française gbà pé kò sí ìdí láti má ṣe sọ orúkọ iṣẹ́ di abo fún obìnrin, ṣùgbọ́n Quebec ti ń dámọ̀ràn bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1979. Síbẹ̀, àwọn obìnrin kan ṣì wà tó fẹ́ "Madame le professeur", àwọn mìíràn sì ń kọ "professeure". Mo gbà pé ẹni tó ni oyè ló ni ọ̀rọ̀: ẹ bi í bó ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé tirẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Dókítà obìnrin ní tirẹ̀, "elle est médecin" ni, "médecin" kò yí.

Kí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mú bírò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá tọ́ka sí onítọ̀hún: "il" tàbí "elle", orúkọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ àpèjúwe, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀lé "être". Ẹ ka wọn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìtàn má baà gbé yín lọ. Ibi tí ẹyọ kan bá ti yàtọ̀ sí àwọn ìyókù ni kí ẹ dúró, kí ẹ tún un ṣe.