Bí Tíkẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Òfurufú Bá Bá Fóònù Lọ

Bí ìwé tí wọ́n já fún wa ní gáréèjì Òkìtìpupa bá sọnù, ọ̀rọ̀ di ti àwa àti dẹ́rẹ́bà. Bó bá rántí ojú wa, ó dáa. Bí kò bá rántí, a lè tún owó san.

Ti ọkọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àgbáyé ti pa tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé tì. Inú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì wà báyìí. Èyí tí à ń wò lójú fóònù, àwòrán rẹ̀ lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí á wí pé ìyá kan ní Òkìtìpupa fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ló ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù wá já sómi. Aládùúgbò ní àwòrán náà, ṣùgbọ́n ó ti ṣú, orí rẹ̀ sì ti gé. Kí ni kí ìyá ṣe?

Kí ó yá fóònù, kí ó pe ọmọ, kí ó sì béèrè ohun méjì, kí ó kọ wọ́n sínú ìwé. Èkíní ni kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà, bíi K7MPQ4. Èkejì ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹyọ 13. Mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ ń fi iléeṣẹ́ hàn: 125 ni ti Bíríìtíṣì Éwéèsì. Lórí fóònù, B àti P máa ń jọra létí, nítorí náà ẹ sọ pé “B bíi Bọ́lá, P bíi Pọ́ọ̀lù,” kí ẹ sì kà á padà fún ẹni tó pè é.

Bí ajẹ́ǹtì bá fún yín ní kóòdù nìkan, tí kò rí nọ́ńbà 13 yẹn sọ, ẹ fura o. Ó lè jẹ́ pé ó kàn di àyè mú ni, kò tíì san owó. Bí àkókò bá pé, kọ̀ǹpútà yóò tú àyè náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn.

Pẹ̀lú kóòdù àti orúkọ ìdílé, ọmọ lè ṣí ojú ìwé tí wọ́n kọ Manage My Booking sí, kí ó sì tún tíkẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́. Kí ìyá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní Òkìtìpupa kó tó kọrí sí Èkó, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ lè ní kí ó fi tíkẹ́ẹ̀tì hàn kó tó wọlé. Tó bá dé káńtà, páásípọ́ọ̀tì ni wọn yóò fi wá a rí, bí orúkọ méjèèjì bá ṣáà ti bára mu.

Káàdì ìwọkọ̀ tí wọ́n fún un níbẹ̀ ńkọ́? Bó bá sọnù, kí ó tètè padà sí káńtà pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì, wọn á tẹ òmíràn fún un.

Ẹ má ṣe gbé àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì sí gbangba láti fi yọ̀ fún ẹbí. Ẹnikẹ́ni tó bá rí kóòdù àti orúkọ ìdílé lè ṣí i bí ọmọ yẹn ṣe ṣí i, ó sì lè fagi lé ìrìnàjò náà.