Ewé Tòmátì Tí Ó Ń Pọ́n

Ẹ wo àwòrán tí ó wà lókè ẹ̀kọ́ yìí dáradára kí ẹ tó máa kàwé lọ. Igi tòmátì kan ni a gbìn sínú ike ọ̀dà ńlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé. Ewé orí rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, òdòdó mẹ́ta sì ti yọ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé mẹ́rin tí ó wà nísàlẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. Bí ẹ bá tún fara balẹ̀ wò ó, ẹ ó rí i pé erùpẹ̀ inú ike náà dúdú, ó ń dán, ohun tútù bí irú èyí tí ń hù lára ògiri nígbà òjò sì ti bo ojú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta ni ó ya àwòrán náà nígbà tí a wà ní ọlidé, tí òjò ń rọ̀ ní ojoojúmọ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ó sì kọ̀wé báyìí pé: “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀wọ́, ewé tòmátì mi ń pọ́n. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bomi rin ín. Màmá mi ní omi náà ni kò tó. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n da ajílẹ̀ sí i. Igi kan ṣoṣo yìí ni ó kù nínú márùn-ún tí mo gbìn. Èyí tí ẹ bá sọ ni n ó ṣe ní ìrọ̀lẹ́ òní.”

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó ń mú ewé pọ́n. Nítorí náà, ohun tí a ó kọ́kọ́ bi ara wa ni pé: níbo ni pípọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tí ń mú ewé tutù ni a ń pè ní kílórófíìlì, oúnjẹ kan tí igi sì nílò láti fi ṣe é ni náítírójìn. Nígbà tí náítírójìn kò bá tó, igi a máa ṣe bí ìyá tí oúnjẹ ilé rẹ̀ kù díẹ̀: a gba ti àwọn àgbà, a fi fún àwọn ọmọdé. Yóò fa náítírójìn kúrò lára ewé àgbà tí ó wà nísàlẹ̀, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ewé titun tí ó wà lókè. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ewé orí ni ó kọ́kọ́ pọ́n, tí iṣan ewé náà sì ṣì tutù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Irin ni ó sábà máa ń wọ́n irú igi bẹ́ẹ̀, nítorí pé igi kì í lè fi ìrọ̀rùn kó irin kúrò lára ewé àgbà fún ọmọ ewé.

Ewé ìsàlẹ̀ ni ó pọ́n nínú àwòrán wa. A mọ̀ nígbà náà pé ebi ń pa igi náà, ṣùgbọ́n a kò tí ì mọ ohun tí ó fa ebi. Ebi lè pa ènìyàn nítorí pé oúnjẹ kò sí nílé. Ó sì lè pa á nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń dùn ún tí kò lè jẹun. Ọ̀fun igi ni gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò a máa mí, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń mí wà nínú àlàfo kéékèèké tí ó wà láàárín erùpẹ̀. Bí omi bá kún àwọn àlàfo wọ̀nyí fún ọjọ́ púpọ̀, gbòǹgbò kò ní rí afẹ́fẹ́ mọ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹrà. Gbòǹgbò tí ó ń jẹrà kò lè fa oúnjẹ, kò tilẹ̀ lè fa omi. Nítorí èyí ni igi tí ó wà nínú ẹrẹ̀ fi lè rọ lọ́sàn-án bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Olùgbìn tí kò bá mọ èyí yóò tún bu omi sí i, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Àwòrán fi ewé hàn wá. Kò lè fi gbòǹgbò hàn. Mo bi ọmọ náà ní ohun mẹ́ta. Mo ní kí ó ti ìka bọ inú erùpẹ̀ dé oríkèé kejì, kí ó sì gbóòórùn rẹ̀. Mo bi í bí igi náà ti ń rí lọ́sàn-án. Mo sì ní kí ó wo ìdí ike náà. Ó dáhùn pé ẹrẹ̀ ni ó lẹ̀ mọ́ ìka òun, ó sì ń rùn bí omi gọ́tà. Pé lọ́sàn-án igi náà a máa rọ. Àti pé kò sí ihò kankan nídìí ike. Ọ̀ràn parí. Omi ni ó ń pa igi náà.

Mo ní kí ó má bu omi sí i mọ́, kí ó má sì da ajílẹ̀ sí i, nítorí pé ajílẹ̀ lè jó gbòǹgbò tí ó ti fara pa. Mo ní kí bàbá rẹ̀ bá a fi irin gbígbóná lu ihò mẹ́fà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìdí pẹ́ńsùlù, sí ara ike náà nísàlẹ̀ pátápátá, kí wọ́n gbé e lé bíríkì méjì, níbi tí oòrùn ń dé ṣùgbọ́n tí òjò kò ti ní pa á. Kí ó sì dúró títí erùpẹ̀ yóò fi gbẹ dé oríkèé àkọ́kọ́ ìka kí ó tó tún bomi rin ín.

Nígbà tí wọ́n lu ihò náà, omi dúdú ṣàn jáde. Ọjọ́ kẹfà ni erùpẹ̀ tó gbẹ tó bí mo ti wí. Ewé mẹ́rin náà kò padà tutù. Wọ́n já bọ́, ọmọ náà sì kọ̀wé sí mi pẹ̀lú ìbànújẹ́ pé oògùn mi kò ṣiṣẹ́. Mo ní kí ó gbójú kúrò lára ewé tí ó ti pọ́n, nítorí pé irú rẹ̀ kì í sábà bọ̀ sípò. Ewé titun ni kí ó máa wò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé titun méjì ti yọ, wọ́n tutù, òmíràn kò sì pọ́n mọ́. Òdòdó kan ti rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n méjì di èso. Ìgbà náà ni mo tó gbà á láyè láti bu ìkúnwọ́ méjì ajílẹ̀ adìẹ tí ó ti jẹrà tán sí ojú erùpẹ̀, jìnnà díẹ̀ sí ìdí igi.

Ìbá ṣe pé erùpẹ̀ náà gbẹ, tí ike sì fúyẹ́, òótọ́ ni ìyá rẹ̀ ìbá sọ. Ìbá ṣe pé erùpẹ̀ tutù níwọ̀n, tí ihò wà nídìí ike, tí igi sì ti pẹ́ nínú rẹ̀ láìjẹ ajílẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìbá jàre. Bí àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ní òrùka nínú òrùka bá sì wà lára ewé tí ó pọ́n, àrùn ni. Kí a já irú ewé bẹ́ẹ̀ dànù, kí a má sì jẹ́ kí omi máa ta sí ewé tí ó kù.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó fà á tí ewé ìsàlẹ̀ fi ń kọ́kọ́ pọ́n nígbà tí náítírójìn kò bá tó?
2. Ṣàlàyé bí igi tí ó wà nínú omi púpọ̀ ṣe lè rọ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.
3. Ohun mẹ́ta wo ni olùkọ́ béèrè tí àwòrán kò lè sọ fún un tán?