Eyín Ló Ń Dùn Ún, Ẹ̀dọ̀ Ló Wà Nínú Ewu

Ìbéèrè: Nínú ìdánrawò wa, aládìrẹ kan ní Ìtòkú, tó wọn kílò 60, fi parasitamọ́ọ̀lù 28 tọ́jú eyín dídùn láàárín wákàtí 24. Èébì díẹ̀ nìkan ló ń gbé e. Kí ló dé tí wọ́n ní ká tètè fún un ní asẹtilisísítéìnì? (Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Kọ́kọ́ ṣírò o. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ mílígíráàmù 500, gíráàmù 14 ló ti gbé mì. Gíráàmù 4 ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́.

Ẹ̀dọ̀ máa ń sọ ọ̀pọ̀ oògùn náà di ohun tí kò léwu, ìtọ̀ á sì gbé e jáde. Díẹ̀ ló ń di májèlé tó ń jẹ́ NAPQI, èròjà gulutatáyóònù ló sì ń pa oró rẹ̀. Nígbà tí oògùn bá pọ̀ jù, gulutatáyóònù á tán, májèlé á wá lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, á sì pa á. Asẹtilisísítéìnì ni ara fi ń ṣe gulutatáyóònù tuntun.

Má jẹ́ kí ara líle tàn ọ́. Ó lè tó ọjọ́ kejì kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó dùn ún. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú gan-an ni àtẹ ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀: ẹni tó lo oògùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a mọ wákàtí rẹ̀, nìkan ló wà fún. Ẹni tiwa lò ó díẹ̀díẹ̀, nítorí náà má dúró de àtẹ.

Àpò asẹtilisísítéìnì àkọ́kọ́ jẹ́ mílígíráàmù 150 fún kílò kan, ìyẹn gíráàmù 9, láàárín wákàtí kan. Bí ara bá ń yún un, ẹ dá omi náà dúró díẹ̀, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.