Inú Rírun Tó Gba Ẹ̀yìn Jáde: Kì í Ṣe Gbogbo Rẹ̀ Ni Ọgbẹ́ Inú

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní Adakplamẹ àti káàkiri ilẹ̀ Kétu, ẹ sún mọ́ rédíò. Inú rírun kan wà tí a máa ń pè ní ọgbẹ́ inú, tí kì í sì í ṣe ọgbẹ́ inú rárá. Òun la fẹ́ kọ́ lónìí.

Ẹ̀yà ara kan dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpò oúnjẹ, nítòsí egungun ẹ̀yìn. Pankíríásì ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, pàápàá ọ̀rá àti ẹran, ó sì ń ṣe ínsúlínì tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Omi tó ń da oúnjẹ yẹn lágbára gan-an. Inú ìfun ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àmọ́ tí ojú ọ̀nà rẹ̀ bá dí, tàbí tí ọtí bá ṣe pankíríásì léṣe, ibi tó wà náà ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á wá máa jẹ ẹran ara tó ṣe é jáde. Ẹ ò rí i pé ìrora ibẹ̀ kò lè kéré.

Ohun méjì ló ń fà á jù. Èkíní ni òkúta kékeré inú àpò òróòro. Ọ̀nà òróòro àti ọ̀nà pankíríásì jọ ń já sínú ìfun ní ojú kan náà ni. Tí òkúta bá yọ́ jáde, tó há sí ojú yẹn, omi pankíríásì kò rí ibi gbà. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde lè ní òkúta yìí láti kékeré, nítorí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń tètè bàjẹ́ ló ń di èròjà tí òkúta fi ń dì. Èkejì ni ọtí: sódàbì, bíà, èyíkéyìí, pàápàá fún ẹni tó ti ń mu ún púpọ̀ fún ọdún pípẹ́. Sìgá sì tún ń dá kún un.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹni ọdún 45 ni, kò mu ọtí rí. Ó jẹun alẹ́ tán, ìrora kì í mọ́ ọn ní òkè ikùn, lábẹ́ àyà. Ó gba ẹ̀yìn jáde bí ẹni pé wọ́n fi ìgbànú dì í. Tó bá dùbúlẹ̀, á le sí i. Tó bá jókòó tó tẹ̀ síwájú, á rọ̀ díẹ̀. Ó bì títí, àmọ́ èébì kò mú ìrora náà lọ. Wákàtí mẹ́ta kọjá, kò dáwọ́ dúró.

Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà. Ọgbẹ́ inú sábà máa ń ta ẹni, á sì rọlẹ̀. Èyí kì í rọlẹ̀. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fún ìyá yìí ní àgbo tó ń ṣu ẹni, ẹ má fún un ní sódàbì tí wọ́n rẹ egbò sí, ẹ má sì ra oògùn ìrora lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí wọ́n tètè fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn agbègbè, bíi ti Pọ̀bẹ̀. Tí ojú rẹ̀ bá pọ́n rúsúrúsú, tí ara rẹ̀ gbóná tó sì ń gbọ̀n, tó ń mí gúlegúle, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara, kò sí àkókò láti fi ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ sọ wákàtí tí ìrora náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ó ní ìdí. Nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n máa ń wo ohun kan tó ń jẹ́ lípáàsì. Tó bá fi ìlọ́po mẹ́ta ju bó ṣe yẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pankíríásì ló ń ṣe é. Àmọ́ ibòmíràn kì í ní àyẹ̀wò lípáàsì, àmíláàsì ni wọ́n ní, èyí sì lè ti padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó pẹ́ kó tó dé lè gba èsì tó dára nígbà tí àìsàn ṣì wà lára rẹ̀. Nínú ohun mẹ́ta, ìrora tí a ṣàpèjúwe, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àti àwòrán inú, tí méjì bá ti bá a mu, dókítà á gbà pé òun ni. Ekográfì sì ni wọ́n fi máa ń wá òkúta inú òróòro.

Kò sí oògùn kan tó ń pa àìsàn yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ni wọ́n máa fà sí ìyá náà lára, nítorí èébì àti wíwú inú ti gba omi ara rẹ̀. Wọ́n á máa wọn ìtọ̀ rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá omi náà tó, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ náà léwu. Wọ́n á fún un ní oògùn ìrora tó lágbára. Tí kò bá sí kòkòrò tó wọ ibẹ̀, oògùn apakòkòrò kò wúlò, ẹ má fi ipá béèrè rẹ̀. Tí ebi bá ti ń pa á, tí kò bì mọ́, kó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ oúnjẹ tí kò lọ́ràá díẹ̀díẹ̀. Nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 8 máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tó kù ni kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀fóró wọn lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, àwọn yẹn ló nílò ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Àjàṣẹ́ tàbí Kútọnu.

Ìyá wa ti gbádùn báyìí. Wọ́n rí òkúta nínú òróòro rẹ̀, ó sì ní, «Mo ti dára, ẹ jẹ́ kí n padà sọ́jà.» Ibí gan-an ni ìkejì ti ń wá. Òkúta ṣì wà nílé, ó lè yọ́ nígbàkigbà. Ní ọdún 2015, àwọn dókítà ilẹ̀ Holland gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n pín àwọn aláìsàn tí tiwọn kò le jù sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ kan ni wọ́n yọ àpò òróòro wọn kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹgbẹ́ kejì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin. Nínú 100 àwọn tó dúró, nǹkan bí 17 ni wàhálà òkúta tún mú. Nínú 100 àwọn tí kò dúró, nǹkan bí 5 ni. Nítorí náà ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó kúrò: «Ìgbà wo lẹ máa yọ àpò náà?» Dídín epo kù dára, àmọ́ kò lè yọ́ òkúta. Ènìyàn sì lè wà láàyè dáadáa láìní àpò òróòro.

Olùgbọ́ kan bi wá pé: «Tó bá jẹ́ ọtí ló fà á, ṣé kí bàbá wa máa mu díẹ̀díẹ̀?» Rárá o, kó fi sílẹ̀ pátápátá, títí kan ife kan níbi ìnáwó, kó sì fi sìgá sílẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń mu ún púpọ̀, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ nílé láìsọ fún nọ́ọ̀sì. Ara lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un. Oògùn wà tí wọ́n fi ń ràn án lọ́wọ́. Kí ìdílé sì má ṣe gbé ọtí ka iwájú rẹ̀.

Tí wọn kò bá rí òkúta, tí kò sì sí ọtí, ẹ ní kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì wo oògùn tí ẹni náà ń lò. Lẹ́yìn tó ti gbádùn, tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ púpọ̀, tó ń tọ̀ ṣáá, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń ní epo lójú, kó padà: ó lè jẹ́ pé pankíríásì kò ṣiṣẹ́ tó mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jọ dáhùn èyí: Báwo lẹ ṣe máa fi ìyàtọ̀ sí inú rírun yìí àti ọgbẹ́ inú? Tó bá ṣẹlẹ̀ lóru, ta ló ní ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà tó lè gbé ẹni náà lọ? Kí lẹ máa béèrè kẹ́ ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn? A ó tún pàdé lọ́jọ́ ọjà mìíràn. Ó dàbọ̀ o.