Ọjọ́ Orí Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà ni mí, iṣẹ́ afárá àti ọ̀nà ni mò ń ṣe. Mo pé ọdún 38, mo ní ìyàwó àti dìgírì àkọ́kọ́, mo sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 12. Nínú Kánádà, Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibo ni kí n dojú kọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ yọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Lóòótọ́ ètò máàkì ni wọ́n ń pè é, 70 ni wọ́n sì ń béèrè, àmọ́ bí ilé-iṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ kò bá kọ́kọ́ gbà yín síṣẹ́, ìwé-ẹ̀rí yín kò lè dí àlàfo náà. Ti Kánádà àti Ọsirélíà ni èèyàn lè ti ilé kó jọ, ọjọ́ orí ló sì máa là wọ́n. Ní Kánádà, 100 ni ọjọ́ orí lè fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń bá a lọ. Ẹni ọdún 38 ń gba 55, ó di 45 lẹ́ni ogójì ọdún, ó sì tán pátápátá ní 45. Ní Ọsirélíà, 25 ni láti ọdún 33 títí dé 39, láìyingin. Ọjọ́ tí ẹ bá pé ogójì ni yóò já sí 15, bí ẹ bá sì ti pé 45, ilẹ̀kùn ti tì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Ọsirélíà. Ọjọ́ orí 25, dìgírì 15, ọdún mẹ́jọ iṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá 15, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ní ipò tó ga jù 20: ó di 75. Bí ìyàwó yín náà bá yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi 5 kún un. Bí ìpínlẹ̀ kan bá yàn yín, 5 mìíràn, ó di 85. Ẹni tó ní 65 lè forúkọ sílẹ̀, àmọ́ àwọn tó ga ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín ni wọ́n ń ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀.

Ẹnìkan lè ní Kánádà kò béèrè wàhálà tó báyìí, pé ìpínlẹ̀ tó bá yan èèyàn ń fún un ní 600. Òótọ́ ni, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni wọ́n ń yàn. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe nílé nìkan kò sì ní máàkì lọ́wọ́ wọn, àfi bí ó bá bá ìdánwò èdè tàbí iṣẹ́ ọ̀hún rìn.

Ìdíwọ́ Ọsirélíà ni àyẹ̀wò ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà wọn. Ìròyìn iṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ máa kọ, ọwọ́ ara yín ni wọ́n sì fẹ́ rí níbẹ̀. “A kọ́ afárá” kò tó, ẹ kọ “Mo ṣírò ẹrù tí òpó náà máa gbé.” Ẹni tó bá da ti ẹlòmíràn kọ, wọ́n lè dá a padà. Ọsirélíà ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìròyìn náà lóṣù yìí, kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín sì forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, kí ogójì ọdún tó dé.